Òbìrípo Mohr: bí a ṣe ń mọ ọ̀nà tí irin yóò gbà já

Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì tuntun kan, irú èyí tí a fi ń kọ̀wé sójú pátákó. Ẹ di orí rẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ wá máa lọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún omi kúrò lára aṣọ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fà á. Lílọ́ nìkan ni kí ẹ lọ́ ọ. Kò ní pẹ́ tí yóò fi kán. Tó bá ti kán, ẹ gbé ojú ibi tó ti kán náà sún mọ́ ojú yín. Kò rí pẹrẹsẹ bí ibi tí a fi ayùn gé. Ó dagun, ó sì lọ́ yí ara ṣọ́ọ̀kì náà po bí okùn tí a wé mọ́ igi, ní igun tó tó dígírì 45 sí gígùn rẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀pá irin tó rọ̀ díẹ̀, tí ẹ̀rọ lọ́ títí tó fi já. Tirẹ̀ máa ń já pẹrẹsẹ ni, bí ẹni pé ẹnì kan fi ayùn là á ní ìdábùú. Lílọ́ kan náà ni wọ́n lọ́ àwọn méjèèjì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn ní dígírì 45. Níbo wá ni ìdagun ara ṣọ́ọ̀kì ti wá, kí ló sì dé tí irin kò fi ṣe bẹ́ẹ̀?

Òbìrípo Mohr, èyí tí àwọn ẹnjinníà ń yà sórí bébà láti mọ ọ̀nà tí ohun èlò yóò gbà já, ló ń dáhùn ìbéèrè yìí. Mo ti rí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjinníà tí wọ́n lè ya òbìrípo náà láìwo ìwé, tí iye tí wọ́n rí á sì pé, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni ẹyọ àmì kan ṣoṣo lára òbìrípo náà dúró fún, wọn á dákẹ́ lọ gbári. Ẹ̀bi wọn kọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ló fà á: fọ́múlà ló kọ́kọ́ dé etí wọn, ìtumọ̀ kò sì dé mọ́. Ìtumọ̀ ni a ó fi ṣíwájú níbí, lẹ́yìn náà a ó fi rúlà àti kọ́ńpáàsì ya ọ̀kan tán pátápátá.

## Kí ni ìnira, ọ̀nà mélòó ló sì ń gbà wá?

Bí a bá fa irin, ipá tí a fi fà á kò dúró sí orí rẹ̀ nìkan. Ó ń gba inú irin náà kọjá, gbogbo inú rẹ̀ ló sì ń pín in gbé. Ìnira ni ìpín tó kan ibi kékeré kan: ipá tó ń gba ibẹ̀ kọjá, tí a pín fún bí ojú ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Sítírẹ́ẹ̀sì ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹnjinníà. Òun ló fà á tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ fi ń já níbi tí èyí tó nípọn kò ti já. Ẹrù kan náà ni, ṣùgbọ́n èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní ojú púpọ̀ tí yóò pín in fún.

Níútìn ni a fi ń wọn ipá. Bí ipá níútìn kan bá wà lórí ojú tí òòró rẹ̀ jẹ́ mìlímítà kan tí ìbú rẹ̀ náà jẹ́ mìlímítà kan, ìnira ibẹ̀ jẹ́ mẹgapásíkà kan, èyí tí a ń kọ báyìí: 1 MPa.

Ọ̀nà méjì ni ìnira ń gbà wá. Ti àkọ́kọ́ dojú kọ ojú náà gan-an, yálà kó máa fà á síta tàbí kó máa tì í wọlé. Ìnira tààrà ni màá máa pe èyí, àmì rẹ̀ sì ni σ. Bó bá ń fà, a ó kọ iye rẹ̀ bẹ́ẹ̀; bó bá ń tì, a ó fi àmì ìyọkúrò ṣíwájú rẹ̀. Èkejì kì í dojú kọ ojú náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gbà, ó fẹ́ kí apá kan yọ̀ lórí apá kejì. Bí ẹ bá tẹ́ ọwọ́ lé orí ìdì bébà kan, tí ẹ sì tì í sí ẹ̀gbẹ́, bébà kọ̀ọ̀kan á yọ̀ díẹ̀ lórí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín bébà méjì nìyẹn. Ìrẹ́ ni màá máa pe èyí, nítorí bí sísọ́ọ̀sì ṣe ń rẹ́ aṣọ nìyẹn. Ṣíà ni orúkọ tí ẹ ó gbọ́ níbi iṣẹ́, àmì rẹ̀ sì ni τ.

## Kí ló dé tí ibi kan náà fi ń ní iye tó yàtọ̀?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú, ẹ jẹ́ kí a rọra rìn ín.

Ẹ ro ọ̀pá igi kan tí a gé sí méjì ní ìdábùú, tí a wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Bí a bá fa orí rẹ̀ méjèèjì, fífà nìkan ni gọ́ọ̀mù náà mọ̀. Kò sí ohun tó fẹ́ kó yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá mú ọ̀pá kejì tó jọ ọ́, kí ẹ gé e ní ìdagun, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ fi ipá kan náà fà á. Gọ́ọ̀mù tibí ń gba fífà díẹ̀, ó sì tún ń gba ìrẹ́, nítorí ìdajì ọ̀pá òkè fẹ́ yọ̀ lórí ìdajì ìsàlẹ̀ gba ojú tó dagun yẹn.

Ọ̀pá kò yàtọ̀, ipá kò yàtọ̀. Ojú tí a ń wò nìkan ló yàtọ̀. Ojú yẹn wà nínú ọ̀pá tí a kò gé pàápàá. A kàn lo gọ́ọ̀mù láti fi rí i ni.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá béèrè pé, "Ìnira ibí yìí tó mélòó?", ìbéèrè náà kò tíì pé. Ó gbọ́dọ̀ sọ ojú tó ń wò. Ojú tó sì lè gba ibi kan kọjá kò lóǹkà, nítorí igun kò lóǹkà. Láàárín gbogbo wọn, ojú kan wà tí fífà ibẹ̀ ju ti gbogbo ìyókù lọ, òmíràn sì wà tó kéré jù. Lójú méjèèjì yìí, ìrẹ́ kì í sí rárá. Iye ìnira tààrà tó wà lójú méjèèjì là ń pè ní olórí ìnira. Ojú mìíràn tún wà tí ìrẹ́ ibẹ̀ ga jù. Àwọn wọ̀nyí là ń wá, nítorí ọ̀kan nínú wọn ni ohun èlò yóò gbà já.

Òbìrípo Mohr ni àkójọ gbogbo ojú wọ̀nyí. Ẹyọ àmì kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ dúró fún ojú kan ṣoṣo: bí àmì náà ṣe jìnnà tó sí ọ̀tún tàbí òsì sọ ìnira tààrà ojú yẹn, bó ṣe wà lókè tàbí nísàlẹ̀ tó sì sọ ìrẹ́ rẹ̀. Òbìrípo náà kì í ṣe àwòrán irin. Ẹni tó bá ti ń wò ó bí àwòrán irin, ibẹ̀ ni yóò ti ṣìnà.

Christian Otto Mohr, ẹnjinníà ará Jámánì tí wọ́n bí lọ́dún 1835, ló gbé e jáde lọ́dún 1882 lọ́nà tí a ń gbà lò ó títí di òní. Karl Culmann ti kọ́kọ́ fi òbìrípo ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ìnira inú igi àjà lọ́dún 1866, ṣùgbọ́n Mohr ló mú un gbòòrò, òun ni orúkọ rẹ̀ sì dúró lé e lórí.

## Ọ̀pá wo ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ?

Ọ̀pá irin róbótó kan ni, tó fẹ̀ ní mìlímítà 20 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. A ń fà á, a sì ń lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ipá tí a fi ń fà á tó níútìn 18,850, bí ìgbà tí a gbé ẹrù tó lé díẹ̀ ní kílò 1,900 kọ́ sí i nídìí. Bí a bá pín ipá yìí fún ojú ọ̀pá náà, tó jẹ́ mìlímítà 314 ní ìlọ́po ara rẹ̀, ìnira tààrà tí a ó rí ni 60 MPa. Lílọ́ tí a ń lọ́ ọ kò tóbi lójú: bí ẹni fi sípánà tó gùn ní mítà kan mú orí ọ̀pá náà, tó wá gbé ẹrù kílò mẹ́fà àti ààbọ̀ kọ́ sí ìpẹ̀kun sípánà. Lílọ́ yẹn ń mú ìrẹ́ 40 MPa jáde lára ọ̀pá náà, lójú ìta. Bí a bá ṣe ń wọnú lọ ni ìrẹ́ ń dín kù, ní àárín gbùngbùn kò sí rárá. Nítorí èyí, ara òde ni a ó máa wò.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá náà dùbúlẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ sì fojú inú wo onígun mẹ́rin kékeré kan tí a fi bírò yà sára rẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjì dojú kọ gígùn ọ̀pá. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ni màá pè ní ojú X, ojú òkè rẹ̀ ni ojú Y. Lójú X, a ń fà á síta ní 60, ìrẹ́ 40 sì ń gba ibẹ̀ gòkè. Lójú Y, kò sẹ́ni tó ń fà tàbí tì, òdo ni; ṣùgbọ́n ìrẹ́ 40 wà níbẹ̀ náà, ó ń lọ sápá ọ̀tún.

Ẹ lè béèrè pé níbo ni ìrẹ́ ojú Y ti wá. Bó bá jẹ́ pé ojú ọ̀tún tó ń gòkè àti ojú òsì tó ń sọ̀ kalẹ̀ nìkan ló wà, onígun mẹ́rin náà ì bá máa yí bírí lójú kan, lòdì sí ọwọ́ aago. Kò sì yí. Nítorí náà ohun kan ń yí i padà láti òkè àti ìsàlẹ̀, ní iye kan náà gẹ́ẹ́. Méjì-méjì ni ìrẹ́ máa ń rìn, kì í dá wá.

## Báwo la ṣe ń yà á?

Ẹ mú bébà gíráàfù. Ẹ fa ìlà kan ní ìbú fún σ, kí fífà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kí títì wà lọ́wọ́ òsì. Ẹ fa ìlà kan ní òòró fún τ, kó gba òdo kọjá. Ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ lò lórí ìlà méjèèjì; mìlímítà kan fún 1 MPa dára fún tiwa. Bí ìwọ̀n wọn bá yàtọ̀, àwọn ojú wa kò ní tò sórí òbìrípo mọ́, wọ́n á tò bí ẹyin tí a dùbúlẹ̀, kọ́ńpáàsì kò sì ní wúlò.

Òfin kan ṣoṣo la nílò fún ìrẹ́. Ẹ wo ìrẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín pé ìhà wo ló fẹ́ yí onígun mẹ́rin náà sí. Bó bá fẹ́ yí i bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ẹ fi àmì ojú yẹn sókè. Bó bá fẹ́ yí i lòdì sí ọwọ́ aago, ẹ fi sísàlẹ̀. Àwọn ìwé kan ń ṣe òdì kejì èyí, òun ló sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn rú nígbà tí wọ́n bá ka ìwé méjì pọ̀. Mo fara mọ́ èyí tí mo sọ yìí nítorí pé pẹ̀lú rẹ̀, ìhà tí ẹ bá yí sí lórí òbìrípo náà ni ìhà tí ojú yí sí lára irin.

Ó yá, ojú X: fífà rẹ̀ jẹ́ 60, ìrẹ́ rẹ̀ ń yí lòdì sí ọwọ́ aago. Ẹ ka 60 sí ọ̀tún, ẹ ka 40 sí ìsàlẹ̀, ẹ fi àmì síbẹ̀. Ojú Y: òdo ni fífà rẹ̀, ìrẹ́ rẹ̀ ń yí bí ọwọ́ aago. Ẹ dúró sórí òdo, ẹ ka 40 sókè, ẹ fi àmì síbẹ̀.

Ẹ fi rúlà so àmì méjèèjì pọ̀. Ìlà yẹn á gba ìlà ìbú kọjá lórí 30. Ibẹ̀ ni àárín gbùngbùn. Ẹ gún ẹnu kọ́ńpáàsì síbẹ̀, ẹ ya ẹnu kejì títí yóò fi kan àmì X, kí ẹ sì yí i po. Bó bá kan àmì Y náà bó ṣe ń kọjá, ẹ ti yà á dáadáa.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìṣirò kín in lẹ́yìn lè wo bí a ṣe dé ibẹ̀. Láti àárín dé àmì X jẹ́ 30 ní ìbú àti 40 ní òòró, nítorí náà:

```
C = (σx + σy) / 2 = (60 + 0) / 2 = 30
R = √(((σx − σy)/2)² + τ²) = √(30² + 40²) = 50
```

C ni àárín, R ni bí ẹnu kọ́ńpáàsì ṣe là tó. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí bébà, mìlímítà 50 lẹ ó rí.

## Kí ló dé tí igun fi ń di ìlọ́po méjì?

Lára irin, láti ojú X sí ojú Y jẹ́ dígírì 90. Lórí òbìrípo, àmì X àti àmì Y dojú kọra wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, èyí tó jẹ́ dígírì 180. Ìlọ́po méjì nìyẹn, gbogbo igun yòókù ló sì ń tẹ̀lé e.

Ìdí rẹ̀ kò le. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀tún, tí ẹ yí dígírì 180 lára irin, ojú òsì lẹ ó bá. Ojú òsì àti ojú ọ̀tún sì jẹ́ ojú kan náà: bí wọ́n bá fa ọ̀tún ní 60, 60 náà ni wọ́n fi ń fa òsì. Ẹ ti rí gbogbo ojú tó wà, ẹ ti padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òbìrípo náà gbọ́dọ̀ ti pé nígbà yẹn, kó sì tó pé, ó gbọ́dọ̀ yí dígírì 360. Nígbà tí irin bá rin ìdajì, òbìrípo ti rin gbogbo rẹ̀. Nítorí náà igun tí ẹ bá wọ̀n lórí bébà, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ sára irin.

## Níbo ni olórí ìnira wà?

Ẹ wo ibi méjì tí òbìrípo ti gba ìlà ìbú kọjá. Níbẹ̀, òkè kò sí, ìsàlẹ̀ kò sí, ìrẹ́ jẹ́ òdo. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún, lórí 30 + 50, tí í ṣe 80. Èkejì wà lọ́wọ́ òsì, lórí 30 − 50, tí í ṣe −20. Olórí ìnira méjèèjì nìyẹn: σ₁ = 80 MPa àti σ₂ = −20 MPa.

Ẹ jẹ́ kí a dúró sí ibí yìí díẹ̀. Ìnira tààrà tí a fi sára ọ̀pá kò ju 60 lọ, síbẹ̀ ojú kan wà tí wọ́n ti ń fà á ní 80. Kò sì sẹ́ni tó ti ọ̀pá yìí níbikíbi, síbẹ̀ ojú kan wà tí wọ́n ti ń tì í wọlé ní 20. Ẹ wo onígun mẹ́rin wa lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìrẹ́ ojú X ń gòkè, ìrẹ́ ojú Y ń lọ sọ́tùn-ún, méjèèjì pàdé ní igun òkè ọ̀tún. Wọ́n ń fa igun yẹn jáde, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń fa igun ìsàlẹ̀ òsì jáde. Bí àwọn igun méjì yìí ṣe ń jìnnà síra wọn ni igun méjì yòókù ń súnmọ́ra. Ibẹ̀ ni títì náà ti wá. Fífà 60 ràn wá lọ́wọ́ láti dín in kù, ṣùgbọ́n kò lè pa á rẹ́.

Fún igun rẹ̀, ẹ fi pùrótírátọ̀ wọ̀n láti ìlà àmì X dé ìlà ìbú lọ́wọ́ ọ̀tún. Dígírì 53 lẹ ó rí, lòdì sí ọwọ́ aago. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ dígírì 26.6. Nítorí náà, ẹ yí onígun mẹ́rin náà ní dígírì 26.6 lòdì sí ọwọ́ aago, ojú X rẹ̀ tuntun ló ń gba 80, ojú Y rẹ̀ tuntun ló ń gba −20, ìrẹ́ kò sì sí lójú kankan.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá ìhà tí ẹ yí sí tọ̀nà, láìṣe ìṣirò kankan. Fífà tó ga jù gbọ́dọ̀ wà láàárín ohun méjì: ìhà tí fífà ti pọ̀ jù látilẹ̀, tí í ṣe gígùn ọ̀pá, àti igun tí ìrẹ́ ń fà jáde, tó wà ní dígírì 45 sápá òkè ọ̀tún. Dígírì 26.6 bọ́ sáàárín wọn. Bí ẹ bá rí ìdáhùn tó lọ sápá ìsàlẹ̀, ẹ ti gbé àmì ìrẹ́ sódì níbì kan.

## Ìrẹ́ tó ga jù ń kọ́?

Èyí rọrùn: orí òbìrípo àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá ni. Kò sí ibi tó ga ju ibẹ̀ lọ, bó sì ṣe ga tó ni bí ẹnu kọ́ńpáàsì ṣe là tó: 50 MPa. Láti àmì X lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá jẹ́ dígírì 37 bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Lára irin, ìdajì rẹ̀ nìyẹn, dígírì 18.4.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni pé ojú tí ìrẹ́ ti ga jù kì í sábà bọ́ lọ́wọ́ ìnira tààrà. Ibi méjèèjì yìí wà tààrà lókè àti nísàlẹ̀ àárín gbùngbùn, nítorí náà wọ́n ń ru 30 MPa ti àárín náà pẹ̀lú. Ẹ sì wò ó bí igun wọn ṣe dúró: 26.6 sí ìhà kan, 18.4 sí ìhà kejì, àròpọ̀ wọn jẹ́ 45. Yóò máa rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí láti ẹ̀gbẹ́ òbìrípo dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 90, ìdajì rẹ̀ sì ni 45.

## Kí ló wá ṣe ṣọ́ọ̀kì?

Ní ti ṣọ́ọ̀kì, kò sí fífà, lílọ́ nìkan ló wà. Àmì X bọ́ sísàlẹ̀ òdo, àmì Y bọ́ sókè òdo, àárín òbìrípo sì wà lórí òdo gan-an. Olórí ìnira rẹ̀ jẹ́ fífà àti títì tí iye wọn dọ́gba pẹ̀lú ìrẹ́ náà. Láti àmì X dé olórí ìnira jẹ́ dígírì 90 lórí bébà, èyí tó jẹ́ 45 lára ṣọ́ọ̀kì.

Ṣọ́ọ̀kì lè gba títì, àmọ́ kò lè gba fífà. Ojú tí fífà ti pọ̀ jù ló gbà já, ojú yẹn sì dagun ní dígírì 45. Irin tó rọ̀ yàtọ̀. Ìrẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀, ojú tí ìrẹ́ ti ga jù nígbà tí a bá ń lọ́ ọ sì ni ojú X fúnra rẹ̀, èyí tó là á ní ìdábùú. Ìdí nìyẹn tó fi já pẹrẹsẹ. Òbìrípo kan náà ni, ohun èlò méjèèjì kàn yan ojú tó yàtọ̀ láti gbà já ni.

Ẹ mú ìmọ̀ yìí padà sára ọ̀pá wa. Bó bá jẹ́ ohun tó ń kán bíi ṣọ́ọ̀kì la fi ṣe é, tí kò sì lè gba fífà ju 70 MPa lọ, ẹni tó bá wo 60 àti 40 nìkan yóò sọ pé kò séwu. Ewu wà, nítorí 80 wà nínú rẹ̀, òun ni yóò sì là á. Bó bá jẹ́ irin tó rọ̀, irú èyí tó ń juwọ́ sílẹ̀ ní 250 MPa nígbà tí a bá kàn ń fà á, ẹ ya òbìrípo fífà yẹn: ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo dé 250, ẹnu kọ́ńpáàsì sì là ní 125. Ìrẹ́ tó lè gbà kó tó juwọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Tiwa jẹ́ 50, nítorí náà ó ṣì ní àyè ìlọ́po méjì àti ààbọ̀.

## Ibo ni a ti sábà ń ṣìṣe?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kíkó àmì X àti àmì Y sí ìhà kan náà, nítorí pé ìrẹ́ méjèèjì jẹ́ 40. Mo ṣe é fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan nígbà tí mo ń kọ́ ọ, nítorí olùkọ́ wa kò sọ ìdí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ wà lókè kí èkejì wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ìlà tó so wọ́n pọ̀ á dùbúlẹ̀ gbalaja, kò ní gba ìlà ìbú kọjá láéláé, ẹ kò sì ní rí àárín kankan. Ẹ rántí pé ọ̀kan ń yí bí ọwọ́ aago, èkejì ń yí lòdì sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irin náà á máa yí bírí.

Àṣìṣe kejì ni gbígbé igun orí bébà lọ sára irin láì pín in sí méjì. Èyí ṣòro láti rí nítorí òbìrípo náà fúnra rẹ̀ á dára. Àyẹ̀wò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló ń tú u fó: dígírì 53 kò sí láàárín òdo àti 45.

Fún iye tí ẹ rí, ẹ ro olórí ìnira méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi wé àròpọ̀ ìnira tààrà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tiwa jẹ́ 80 − 20, tó jẹ́ 60, bẹ́ẹ̀ ni 60 + 0. Wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu nígbà gbogbo, torí pé àárín òbìrípo kì í ṣípò.

## Ṣé ìrẹ́ yìí ló ga jù lóòótọ́?

Nínú ọ̀pá wa, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òbìrípo tí a yà mọ kìkì àwọn ojú tí a lè rí nípa yíyí onígun mẹ́rin náà lórí ara irin. Kò mọ ojú tó dagun wọ inú irin lọ.

Ẹ wo ara sìlíńdà gáàsì tí awọ irin rẹ̀ tinrin. Gáàsì inú rẹ̀ ń fa awọ náà yípo, ó sì ń fà á ní gígùn pẹ̀lú, ti yípo sì máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì ti gígùn. Ká ní ti yípo jẹ́ 80 MPa, ti gígùn á jẹ́ 40. Kò sí ìrẹ́ lójú méjèèjì yìí, nítorí náà àwọn fúnra wọn ni olórí ìnira. Òbìrípo wọn bẹ̀rẹ̀ láti 40 dé 80, ìrẹ́ tó ga jù lórí rẹ̀ jẹ́ 20 péré.

Olórí ìnira kẹta wà tí a kò yà, ìyẹn èyí tó dojú kọ ìta sìlíńdà náà. Lójú ìta, kò sí ohun tó ń fà á tàbí tì í, òdo ni. Bí a bá ya òbìrípo láti òdo dé 80, ìrẹ́ tó ga jù lórí rẹ̀ jẹ́ 40, ìlọ́po méjì ohun tí òbìrípo àkọ́kọ́ sọ fún wa. Ojú tó ń ru ìrẹ́ yìí dagun ní dígírì 45 láti ìta wọnú awọ irin.

Nínú ọ̀pá tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, olórí ìnira kan ń fà, èkejì ń tì, òdo sì ti wà nínú òbìrípo náà tẹ́lẹ̀. Ti sìlíńdà ń fà ní méjèèjì, òdo wà lóde òbìrípo wọn. Nítorí náà, nígbàkigbà tí ẹ bá ya òbìrípo tán, ẹ wo bóyá ó gba òdo mọ́ra. Bó bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún òdo pátápátá tàbí lọ́wọ́ òsì rẹ̀ pátápátá, ẹ ya òmíràn láti òdo dé olórí ìnira tó jìnnà sí òdo jù, èyí tó tóbi jù nínú àwọn òbìrípo náà ni kí ẹ sì fi ṣe ìṣirò irin.